Lẹ́tà tí mo yá láti ara "Ibadan": títún ọ̀rọ̀ ṣe lórí ìwé tó ti di àwòrán

Ìwé ìtàn ìdílé kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá àgbà kan fi taipuráítà tẹ̀ ní 1979. Bàbá náà ti di olóògbé, taipuráítà ti bàjẹ́, ikán sì ti jẹ ìwé gan-an nínú àpótí tí wọ́n kó o sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni PDF tí ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù síkáànì nígbà tó wálé ọdún, kí ikán tó dé ibẹ̀. Ìdílé fẹ́ tún un tẹ̀ fún ìrántí bàbá, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ń dùn wọ́n lójú ìwé kẹrin: wọ́n tẹ orúkọ "Olaniyan" ní "Olaniyi", wọ́n kọ ọdún ìbí àbúrò bàbá ní 1931 nígbà tí káàdì ìrìbọmi rẹ̀ sọ pé 1937, wọ́n sì gbàgbé àwọn ọmọ àǹtí kan pátápátá. (Mo ti pààrọ̀ orúkọ yẹn níbí kí àṣírí ìdílé má baà tú, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó yí padà àti iye rẹ̀ rí bákan náà.)

"Bọ̀dá, ẹ ṣáà bá wa ṣí i nínú Word, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tẹ èyí tó tọ̀nà sí i." Bí ẹni tó gbé e wá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí bí gbogbo ènìyàn ṣe rò ó nìyẹn. A rí lẹ́tà lójú ìwé, a gbà pé lẹ́tà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ síkáánà kò mọ lẹ́tà. Ó ya fọ́tò bébà ni. Ibi tí yíǹkì wà ṣókùnkùn, ibi tí kò sí mọ́lẹ̀, ìyẹn nìkan ló gbà sílẹ̀. Nínú fáìlì yẹn, "Olaniyi" kò yàtọ̀ sí àbàwọ́n kọfí.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ máa ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kankan wà nínú fáìlì lóòótọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lè fi máòsì fa orí gbólóhùn kan. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yí àwọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, àwòrán ni. Èmi a máa lo irinṣẹ́ kékeré méjì tó wá pẹ̀lú Poppler, ọ̀fẹ́ ni, àṣẹ mẹ́ta ni mo sì ń fún wọn:

```
pdffonts itan.pdf
pdfimages -list itan.pdf
pdfimages -all -f 4 -l 4 itan.pdf oju
```

Èyí àkọ́kọ́ ń ka àwọn fọ́ǹtì inú fáìlì. Bí àtẹ rẹ̀ bá ṣófo, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ìkejì sọ fún mi pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, píkísẹ̀lì 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn, ìyẹn 300 sí íńṣì kan lórí bébà A4. Inú mi dùn nígbà tí mo rí 300 yẹn. Ká ní 100 ni, díẹ̀ ni mo lè ṣe, torí lẹ́tà kò ní ní ju píkísẹ̀lì mẹ́wàá lọ ní ìbú. Ìkẹta ló yọ àwòrán ojú ìwé kẹrin jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe fi sikiríńṣọ́ọ̀tì rọ́pò èyí. Ojú kọ̀ǹpútà kì í gbé gbogbo píkísẹ̀lì yẹn jáde nígbà tí ojú ìwé bá hàn tán lórí rẹ̀, ohun tí ẹ bá sì pàdánù níbẹ̀ kò ní padà wá mọ́.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni tó bá dé ibí yìí. Ó lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka àwòrán náà padà sí ọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OCR, kó wá tún gbogbo ìwé tẹ̀ lọ́tun. Tàbí kó tún àwòrán náà ṣe gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ìdílé ń fẹ́, OCR ni mà bá lò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ni ìwé bàbá: taipuráítà rẹ̀ tí "e" rẹ̀ ti dí láàárín, àmì tó fi bíró sí abẹ́ ẹ àti ọ lẹ́yìn tó tẹ̀ ẹ́ tán, ibi tó fi tiípẹ́ẹ̀sì pa nǹkan rẹ́. Bí mo bá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá á kù, ọwọ́ bàbá á lọ. Èyí ni mo gbà pé ó yẹ kí ènìyàn pinnu kó tó tan kọ̀ǹpútà.

Mo ṣì gbìyànjú OCR náà, kí n lè mọ ohun tó máa rí. Tesseract ni mo lò. Hewlett-Packard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 2005, ó sì ní fáìlì fún èdè Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `yor`. Lórí ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ dáadáa láyé òde òní, ó ń gbìyànjú. Lórí ìwé bàbá yìí, ó rí àmì bíró bí ìdọ̀tí, ó sì gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Ibi tí bíró bá ti kan ìdí "o", ó kà á sí "q" tàbí "g". Ọdún 1931 di "l93l", ẹ̀bi ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ Tesseract rárá. Ọ̀pọ̀ taipuráítà àtijọ́ kò ní bọ́tìnì fún nọ́ńbà 1. Lẹ́tà "l" kékeré ni àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń lò. Ohun tí bàbá tẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà kà.

Mo wá ṣí àwòrán náà nínú GIMP, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe. Kí n tó gé ohunkóhun, mo wọn ìwé náà, torí taipuráítà ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ taipuráítà, lẹ́tà 10 tàbí 12 ló ń wọ íńṣì kan, bó jẹ́ "i" bó jẹ́ "m", àyè kan náà ni wọ́n ń jẹ. Mo ka lẹ́tà mẹ́wàá lórí ìlà kan, mo wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ píkísẹ̀lì 300. Nítorí náà lẹ́tà 10 sí íńṣì kan ni, àyè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 30. Ìlà mẹ́fà ló wọ íńṣì kan láti òkè sísàlẹ̀, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan ní 50. Ìgbà tí mo ti mọ 30 àti 50 yìí, ojú ìwé náà di bí páànù búrẹ́dì tí a ti fi ọ̀bẹ fa ìlà sí lórí: mo mọ ibi tí mo máa gé.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. "Olaniyi" ní lẹ́tà méje, "Olaniyan" ní mẹ́jọ. Ẹ wò ó pé ìṣòro tó wà níbẹ̀ kọjá kí n pa "i" rẹ́ kí n fi "an" sí i. Àyè lẹ́tà kan ni mo ń wá. Mo yan gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ náà títí dé òpin ìlà, mo gé e, mo sún un sọ́tùn-ún ní píkísẹ̀lì 30 géérégé. Mo láyọ̀ pé ìlà náà ti tán kí ó tó kan etí. Bí ó bá kún ni, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìlà yẹn á bọ́ sí ìlà kejì, ti ìlà kejì á bọ́ sí ìkẹta, títí ìpínrọ̀ á fi tán. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kò ní hàn, torí etí ọ̀tún ìwé taipuráítà kì í gún régé tẹ́lẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ lórí ìwé Yorùbá ni àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹni tó bá yan ìlà bí wọ́n ṣe ń yàn án fún Gẹ̀ẹ́sì máa gé e láti orí lẹ́tà dé ìdí rẹ̀, ó sì máa fi àmì bíró sílẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà bá sún, àmì kò ní sún. "Ẹ" á di "e", àmì rẹ̀ á wá rọ̀ sábẹ́ lẹ́tà mìíràn tí kò ní ín ṣe. Orúkọ ènìyàn lè ti ibẹ̀ yí padà. Bàbá fi àmì tirẹ̀ sí ibi tó jìn sí lẹ́tà díẹ̀, nítorí náà mo yan ìlà náà jìn sísàlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí lẹ́tà ìlà tó tẹ̀lé e, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú dé 400% láti wò ó bóyá ohun kan ṣẹ́ kù.

Níbo ni mo ti rí "an"? Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ lẹ́tà tuntun pẹ̀lú Courier New. Ìwọ̀n rẹ̀ á bá a mu lóòótọ́, torí Courier ní 12 póìńtì jẹ́ lẹ́tà 10 sí íńṣì kan gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Courier New tín-ín-rín, ó mọ́ jù, etí rẹ̀ mú. Lẹ́tà taipuráítà máa ń nípọn níbi tí òòlù bá ti lu ríbọ́ọ̀nù le, a sì máa ṣá níbi tí kò bá ti kàn án dáadáa. Ọmọ ilé ìwé pàápàá á mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ kan ibẹ̀.

Lẹ́tà tó dára jù wà lójú ìwé kan náà. Mo rí ọ̀rọ̀ "Ibadan" nínú ìlà tó wà nísàlẹ̀, "an" ló sì parí rẹ̀. Lẹ́tà méjèèjì ni mo dà kọ pọ̀, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí àlàfo àárín wọn náà jẹ́ ti taipuráítà bàbá. Àpótí náà fẹ̀ ní 60, ó ga ní 50. Ṣé mo lè yá "a" àti "n" láti inú "Olaniyi" fúnra rẹ̀? Mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n ojú tó mọ́ á rí lẹ́tà méjì tí àléébù wọn dọ́gba wẹ́kú nínú orúkọ kan ṣoṣo. Kí ènìyàn yá a láti ibi tó jìnnà díẹ̀ ló dára, bí kò bá ṣáà ti kúrò lójú ìwé yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tí mo gbé wá di ọ̀kan pẹ̀lú bébà. Bébà inú síkáànù kì í funfun. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ kan án, ẹ ó rí i pé tìwé yìí wà láàárín 236 sí 244, nígbà tí funfun pátápátá jẹ́ 255. Ìyàtọ̀ yẹn kò hàn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fi funfun 255 pa "i" yẹn rẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa fọ́n ẹ̀kan yíǹkì kéékèèké sí gbogbo ojú ìwé àyàfi ibi tí ẹ pa rẹ́, igun mẹ́rin funfun kan á sì yọ bí àlẹ̀mọ́ lára ògiri. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Clone ni mo fi ń ṣe é. Mo mú bébà láti àárín ìlà méjì tó wà nítòsí, mo fi bo ibi tí lẹ́tà ti kúrò, hóró bébà tòótọ́ ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Mo tún gbọ́dọ̀ yẹra fún Eraser, torí ó máa ń gé ihò tàbí kó tú àwọ̀ ẹ̀yìn jáde.

Ọdún náà rọrùn ní ìrísí, torí lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan ni: "l" tó kẹ́yìn kúrò, "7" wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí "7" kankan lójú ìwé kẹrin. Iwájú ìwé ni mo ti rí i, nínú "1979". Síkáánà ti gba iwájú ìwé yẹn dúdú díẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ń lọ sí bíi 45 nígbà tí ti ojú ìwé kẹrin wà ní 60. Bí mo ṣe gbé "7" náà wá, ó ta yọ bí ẹni tó wọ aṣọ tuntun lọ sóko. Levels ni mo fi tan ìmọ́lẹ̀ sí i títí tó fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ojú ìwé náà tún wọ́ díẹ̀: ìsàlẹ̀ ìlà fi bíi píkísẹ̀lì 12 lọ sílẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Mi ò tọ́ ojú ìwé náà. Bí ẹ bá yí àwòrán, gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa tún yà, gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ díẹ̀. Ohun tuntun ni kó bá ìlà àtijọ́ wọ́.

Ìfipamọ́ náà ní bó ṣe yẹ. JPEG máa ń gé àwòrán sí igun mẹ́rin 8 sí 8, ó ń jù díẹ̀ dànù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un fi pamọ́, kùrukùru á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́tà ká. Mo ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí XCF ti GIMP, mo sì ń gbé e jáde sí PNG. Ìpele tó wà lórí ara wọn gbọ́dọ̀ di ọ̀kan pẹ̀lú Flatten Image kí n tó gbé e jáde. Àwọn tó ń fi àpótí funfun bo ọ̀rọ̀ nínú PDF kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àpótí náà kúrò á kà á.

Nǹkan kẹta, àwọn ọmọ àǹtí, ni mo kọ̀ láti ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Àǹtí fúnra wọn pè mí. "Ọmọ mi, orúkọ àwọn ọmọ tèmi náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, lójú ìwé yẹn gan-an." Mo dá wọn lóhùn pé, "Mà, orúkọ wọn á wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi gbólóhùn tí bàbá kò kọ sí wọn lẹ́nu." Àṣìtẹ̀ jẹ́ ohun kan. Olaniyan ni bàbá mọ arákùnrin náà sí, ìka ló yẹ̀. Ọdún náà ní káàdì ìrìbọmi tó gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n yá lẹ́tà ní ẹyọ ẹyọ títí tí n ó fi fi taipuráítà olóògbé hun odidi ìlà méjì, ìyẹn á di pé mo ń bá òkú sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ojú ìwé kan ni mo fi kún ẹ̀yìn, fọ́ǹtì rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe, mo kọ "Àfikún" sí orí rẹ̀ àti ọdún tí a fi kún un. Orúkọ àwọn ọmọ àǹtí wà níbẹ̀ ní kíkún. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ohun tí a yí padà lójú ìwé kẹrin sí, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí, àti ẹ̀rí tí a fi yí i. Síkáànù àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ìdílé láìsí àtúnṣe kankan. Àǹtí kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ojú ìwé odidi ni àwọn ọmọ wọn gbà, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́.

Mo ń sọ èyí torí ọgbọ́n kan náà tí mo ṣàlàyé yìí ni àwọn kan ń lò láti yí èsì ìdánwò àti ìwé ọjọ́ orí. Wọ́n ń gbé e wá bá mi, mo sì ń dá wọn padà. Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ti ẹni tó dì í mú, ti ilé iṣẹ́ tó fún un ni, òun nìkan ló lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ rẹ kọ, ìbúra kọ́ọ̀tù wà, ọ́fíìsì tó kọ ọ́ sì wà. Kò sí iye owó tó máa mú mi fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí n gbẹ́kẹ̀ lé síkáànù ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2013, David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì, ṣàwárí pé àwọn ẹ̀rọ Xerox WorkCentre kan ń pààrọ̀ nọ́ńbà lórí ìwé tí wọ́n bá síkáànì: 6 di 8, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní JBIG2 ló fà á. Ó ń wá igun mẹ́rin kéékèèké tó jọra wọn lójú ìwé, ó ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì kí fáìlì lè kéré, ìgbà mìíràn sì wà tí nọ́ńbà méjì máa ń jọra jù, tí ó sì máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Nọ́ńbà tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń mọ́ kedere, kò ní kùrukùru kankan tí ènìyàn á fi fura. Ìdí nìyẹn tí mo fi wo àtẹ `pdfimages -list` dáadáa. Bí mo bá rí `jbig2` lábẹ́ `enc`, gbogbo ọdún àti gbogbo iye owó inú ìwé náà ni mo máa ń wá ẹ̀rí mìíràn fún. Ti ìwé bàbá yìí jẹ́ `jpeg`, nítorí náà 1931 yẹn wá láti ọwọ́ bàbá, kì í ṣe láti inú ẹ̀rọ.

Nígbà tí PNG ti ṣetán, mo dá ojú ìwé kẹrin padà sí àyè rẹ̀:

```
img2pdf --pagesize A4 oju4.png -o oju4.pdf
qpdf itan.pdf --pages . 1-3 oju4.pdf 1 . 5-z -- itan2.pdf
ocrmypdf -l yor+eng --output-type pdf itan2.pdf itan3.pdf
```

Èyí àkọ́kọ́ sọ àwòrán di PDF láìfún un pọ̀ lọ́nà tó ń ba nǹkan jẹ́. Ìkejì fi ojú ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kò sì fọwọ́ kan àwọn ojú ìwé tó kù. Ìkẹta tẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé rí sábẹ́ àwòrán, kí àwọn ọmọ ìdílé lè máa wá orúkọ nínú ìwé náà lórí fóònù. Kí wọ́n rántí pé OCR kan náà tó ń gbé àmì bíró jù dànù ló ṣe é, nítorí náà "Olaniyan" láìsí àmì ni kí wọ́n tẹ̀ bí wọ́n bá ń wá a.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni kí ẹ ṣe OCR náà, ẹ má ṣe é ṣáájú. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ abẹ́ nígbà tí wọ́n síkáànì rẹ̀, tí ẹlòmíràn wá tún àwòrán òkè ṣe. Ojú ń rí orúkọ tó tọ̀nà. Kọ̀ǹpútà tó bá wá orúkọ ṣì ń rí àṣìtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́, bí wọ́n bá sì da gbólóhùn náà kọ lọ sí ibòmíràn, àṣìtẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n ń gbé lọ. Ẹni tó bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè fi `--force-ocr` kún àṣẹ ìkẹta yẹn. Ó máa ya gbogbo ojú ìwé lọ́tun, ó máa pa ọ̀rọ̀ abẹ́ àtijọ́ rẹ́, ó sì máa ka àwòrán bó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe.